Wọ́n ní ọ́dítọ̀ "kọ̀wé fipò sílẹ̀": ẹ bèèrè ìwé tó kọ

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ní ìpín díẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ kan. Lẹ́tà kan dé láìpẹ́ yìí pé ọ́dítọ̀ tó ti ń yẹ ìwé owó wọn wò láti ọdún mẹ́rin ti kọ̀wé fipò sílẹ̀, wọ́n sì ti mú òmíràn. Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Mo bi akọ̀wé ilé-iṣẹ́ léèrè ìdí, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn olùdarí ni, pé kò kan àwa onípìn-ín. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Akọ̀wé yẹn fi òótọ́ díẹ̀ bo àìtọ́ púpọ̀ mọ́lẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí àyè ọ́dítọ̀ bá ṣófo láàárín ọdún, òfin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gba àwọn olùdarí láyè láti tètè fi ẹlòmíràn dí i kí iṣẹ́ má baà dúró. Ṣùgbọ́n adelé lásán nìyẹn. Títí di ìpàdé gbogbogbòò tó bá tẹ̀lé e ni ẹni tuntun náà fi ní ẹsẹ̀ dúró. Nígbà tí ìpàdé bá dé, ẹ̀yin lẹ óò dìbò bóyá kó máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kó yà. Ẹ mú ìwé ìṣirò owó ọdún tó kọjá, ẹ ṣí i sí ibi tí ọ́dítọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ẹ wo òkè ojú ewé náà. Kò kọ ọ́ sí alága, kò kọ ọ́ sí ọ̀gá àgbà. Àwọn onípìn-ín ló kọ ọ́ sí. Ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí kò lè gbọ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, kí wọ́n wá ní kò kàn án.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé ọwọ́ àwọn olùdarí ni ohun gbogbo ń gbà kọjá. Àwọn ni wọ́n ń bá ọ́dítọ̀ jókòó, àwọn ni wọ́n ń fún un ní ìwé, àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀. Àní ní ìpàdé ọdọọdún, ìpinnu kan wà tí gbogbo wa máa ń na ọwọ́ sí láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó ní kí àwọn olùdarí bá wa dá owó ọ́dítọ̀ lé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń dà bí ẹni pé òṣìṣẹ́ wọn ni. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ àwọn olùdarí gan-an ló ń yẹ̀ wò fún yín. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ṣọ́ra gidigidi nípa bí wọ́n ṣe lè mú un kúrò, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ "fipò sílẹ̀" inú lẹ́tà yín ló gba àròjinlẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ́dítọ̀ máa ń gbà kúrò. Wọ́n lè yọ ọ́ kí àkókò rẹ̀ tó pé, wọ́n lè jẹ́ kí àkókò rẹ̀ pé kí wọ́n má sì tún un yàn, ó sì lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé lọ. Ẹ jẹ́ ká fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2006 ṣe àpẹẹrẹ fún ti àkọ́kọ́, nítorí pé òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣàkóso rí fara jọ ọ́, ti Nàìjíríà náà wà lára wọn. Àwọn olùdarí nìkan kò lè yọ ọ́dítọ̀. Ìpinnu àwọn onípìn-ín ló lè yọ ọ́, ìbò tó bá ju ìdajì lọ sì ti tó. Ẹni tó fẹ́ gbé ìpinnu náà wá gbọ́dọ̀ fi ìfilọ̀ àkànṣe ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ó kéré tán ọjọ́ 28 ṣáájú ìpàdé. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́dítọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Ọ́dítọ̀ lè kọ àwíjàre tirẹ̀ sílẹ̀, kó sì ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo onípìn-ín. Bí wọn kò bá fi ránṣẹ́, ó lè ní kí wọ́n kà á sókè lójú ìpàdé, yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ tó ní láti fúnra rẹ̀ dìde sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpàdé gidi pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ àdáni tó máa ń gbé ìwé ìpinnu kiri fún àwọn onípìn-ín láti fọwọ́ sí nílé kò lè gba ọ̀nà yẹn yọ ọ́dítọ̀.

Ẹ wá fi ojú olùdarí tó ní nǹkan tó ń bò wo ètò yìí. Ọjọ́ 28 kí ìpàdé tó wáyé, ìwé ọ̀tá lọ́wọ́ gbogbo onípìn-ín, kí ọkùnrin náà tún wá dìde lójú gbogbo èèyàn ní ọjọ́ ìpàdé. Ta ló fẹ́ irú ẹ̀? Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i kí wọ́n fi ìbò yọ ọ́dítọ̀ láàárín ọdún. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n rọra tì títí tí wọ́n fi fúnra wọn kọ̀wé, n kò lè kà wọ́n tán. Èyí ni mo ṣe ń sọ fún èèyàn pé ọ́dítọ̀ tó "kọ̀wé fipò sílẹ̀" yẹ kó kọ yín lóminú ju èyí tí wọ́n yọ lójú gbogbo ayé lọ.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀dà ilé ni wọ́n ń ṣe, àwọn alágbàtà ni wọ́n sì ń tà á fún. Èmi ni mo ṣáájú àwọn tí ilé-iṣẹ́ ọ́dítọ̀ wa rán lọ. Nígbà tí a to ọjà tí wọ́n tà lọ́jọ́ sí ọjọ́, a rí i pé ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn ọdún nìkan gbé ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún ọjà gbogbo ọdún. Èyí lè ṣẹlẹ̀, èèyàn a máa sáré parí ọdún. A gba ìwé ìgbéjáde ọjà, nọ́ńbà wọn tẹ̀lé ara wọn gẹ́rẹ́gẹ́. Ọmọ kékeré kan nínú wa ló wá ní ká lọ wo ìwé ẹnu géètì, ibi tí ọlọ́dẹ máa ń kọ nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tó bá jáde sí. Ní ọjọ́ mẹ́ta tó pa ọdún dé, ọkọ̀ méjì péré ló jáde. Ọjà tí wọ́n ní àwọn ti kó jáde ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn yóò kún ọkọ̀ tó lé ní ogún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ inú oṣù kìíní, ìwé ìdápadà ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ti alágbàtà kan náà, iye kan náà.

Ọ̀gá ìṣirò owó wọn kò bá wa jiyàn pé ọjà náà ṣì wà nílé. Ó ní àwọn alágbàtà ti rà á, àwọn ló ní kí ilé-iṣẹ́ bá wọn tọ́jú rẹ̀. Irú òwò bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé sì gbà á, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ pé. Ìdí gidi gbọ́dọ̀ wà tí ọjà fi dúró, bíi kí oníbàárà fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un. Ọjà náà gbọ́dọ̀ dá wà lọ́tọ̀ kí á lè tọ́ka sí i pé ti lágbájá nìyí. Ó gbọ́dọ̀ ṣe tán láti lọ nígbàkigbà. Ẹni tó tà á kò sì gbọdọ̀ lè gbé e fún ẹlòmíràn mọ́. A wọ ilé ìkó-ọjà-sí. Orí pẹpẹ kan náà ni gbogbo agolo wà, kò sí àmì, kò sí orúkọ. Níṣojú wa, òṣìṣẹ́ kan fa páálí mẹ́ta yọ nínú èyí tí wọ́n ní wọ́n ti tà, ó kó o sínú ọkọ̀ oníbàárà mìíràn. A ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ọjà ọdún náà. Bí wọ́n bá yọ ọ́, èrè yóò já sí abẹ́ ìwọ̀n tí báǹkì tó yá wọn lówó fi lélẹ̀ nínú àdéhùn wọn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí alága fi ké sí ọ̀gá àgbà wa. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní iṣẹ́ ti ń wọ ara jù, pé owó wa ti ga, pé bí a bá lè kọ̀wé lọ wẹ́rẹ́, wọn yóò san owó ọdún yẹn pé, àwọn yóò sì sọ̀rọ̀ wa dáadáa fún àwọn ọ̀rẹ́ àwọn. Ó fi ẹ̀dà ìwé tó fẹ́ kí a fọwọ́ sí ránṣẹ́. Ìlà mẹ́ta ni. Ìlà kẹta sọ pé kò sí ohunkóhun tó rọ̀ mọ́ kíkúrò wa tó yẹ kí àwọn onípìn-ín gbọ́.

Ìlà kẹta yẹn ni ọ̀rọ̀ yín wà, nítorí pé kì í ṣe gbólóhùn ọ̀wọ̀ lásán. Nínú irú òfin tí mo ń sọ yìí, ọ́dítọ̀ tó ń lọ gbọ́dọ̀ sọ nínú ìwé rẹ̀ bóyá ohun kan wà tó yẹ kí àwọn onípìn-ín tàbí àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ lówó mọ̀. Bí ohun kan bá wà, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Òfin Nàìjíríà kò tilẹ̀ ka ìwé ìfipòsílẹ̀ sí ìwé bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá sí nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ́dítọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ wà lórí ọjà ìpín gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi ń lọ ní gbogbo ìgbà. Bí ọ́dítọ̀ bá sì kọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn onípìn-ín mọ̀, ọjọ́ 14 ni ilé-iṣẹ́ ní láti fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí wọn, tàbí kó lọ sọ fún ilé-ẹjọ́ pé ọkùnrin náà kàn fẹ́ fi ba òun lórúkọ jẹ́ ni. Ọ́dítọ̀ náà tún lè ní kí àwọn olùdarí pe ìpàdé kí òun lè ṣàlàyé ara òun.

Ọ̀gá wa gba alẹ́ ọjọ́ méjì rò ó. Kò rọrùn, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, owó tí ilé-iṣẹ́ yẹn ń san fún wa kì í ṣe kékeré. Níkẹyìn ó kọ ìdajì ojú ewé, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kọ iye ọjà, ó kọ ọjọ́, ó kọ ohun tí ìwé ẹnu géètì sọ. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn onípìn-ín ní ọjọ́ kẹtàlá. Ní ìpàdé, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ tíṣà tẹ́lẹ̀, tí ìpín rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, dìde tòun ti ìwé náà lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ló bèèrè: "Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún parí, níbo ni àwọn ọ̀dà yẹn sùn?" Ọ̀gá ìṣirò owó ní òun yóò wádìí. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ lọ.

Ẹ má rò pé ìyá borí o. Ìdílé tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló ní ìdá méjìdínlọ́gọ́ta nínú ìbò, wọ́n sì dìbò mú ọ́dítọ̀ tuntun tí wọ́n fẹ́. Ibi tí agbára onípìn-ín kékeré mọ nìyẹn, n kò sì ní bò ó fún yín. Ohun tó yí padà ni pé ọ́dítọ̀ tuntun náà kò lè sọ pé òun kò gbọ́. Ilé ìkó-ọjà-sí ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ìwé ìṣirò jáde, ọjà inú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ti kúrò nínú rẹ̀.

Ìdí tí kò fi lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ kọjá ti ìpàdé. Ìlànà ìwà iṣẹ́ àwọn ọ́dítọ̀ kárí ayé ní kí ẹni tuntun, kó tó gba iṣẹ́, kọ̀wé sí ẹni tó ń lọ pé ṣé nǹkan kan wà tó yẹ kí òun mọ̀. Ẹni tó ń lọ sábà máa ń nílò àṣẹ ilé-iṣẹ́ kó tó lè sọ tẹnu rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ láti fún un láṣẹ, kíkọ̀ yẹn ti dáhùn. Ìbéèrè tó dára láti bi ẹni tuntun ní ìpàdé rèé: ṣé ẹ kọ̀wé sí ẹni tó lọ, ṣé ó fèsì, àwọn olùdarí ha sì jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀? Kò pọn dandan kó ka èsì náà fún yín. Ẹ kàn wo ojú ta ló ń wò kó tó dáhùn.

Ẹ tún yẹ òmìnira ẹni tuntun náà wò, owó sì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Nínú àlàyé tó tẹ̀lé ìwé ìṣirò, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń kọ iye tí wọ́n san fún ọ́dítọ̀ nítorí àyẹ̀wò, àti iye tí wọ́n san fún un nítorí iṣẹ́ mìíràn, bí ìmọ̀ràn lórí owó orí. Bí iṣẹ́ mìíràn bá ti wúwo ju àyẹ̀wò lọ, ó ti ní ohun tó ń bẹ̀rù láti pàdánù. Enron, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó wó lulẹ̀ ní ọdún 2001, san mílíọ̀nù 25 dọ́là fún àwọn ọ́dítọ̀ rẹ̀ lórí àyẹ̀wò ọdún 2000, ó sì san mílíọ̀nù 27 fún iṣẹ́ mìíràn lọ́dún kan náà. Ní àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù lónìí, fún ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà ìpín, owó irú iṣẹ́ mìíràn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó àyẹ̀wò, tí a bá fi ọdún mẹ́ta ṣírò rẹ̀. Bí owó àyẹ̀wò ẹni tuntun bá já wálẹ̀ lójijì sí ìdajì ti ẹni àná, ẹ bèèrè iṣẹ́ wo ni wọn kò ní ṣe mọ́.

Ìgbà mìíràn wà tí kíkúrò ọ́dítọ̀ kò ní ejò nínú rárá. Ilé-iṣẹ́ lè dàgbà ju ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ, àkókò rẹ̀ lè ti pé lábẹ́ òfin tó ní kí wọ́n máa pààrọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè máa falẹ̀. Ọ́dítọ̀ ọlẹ pọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni láti lé irú wọn lọ. Ohun tí òfin Yúróòpù kò gbà ní tirẹ̀ ni kí wọ́n yọ ọ́dítọ̀ nítorí pé èrò rẹ̀ lórí ìṣirò yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin kò tíì pẹ́ tó kí n fi gbà pé ìpààrọ̀ lásán ni ti yín, n kò sì lè sọ pé nǹkan burúkú wà níbẹ̀ nígbà tí n kò tíì rí ìwé rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti forúkọ ilé-iṣẹ́ yín sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé òfin kò dọ́gba. Ní Íńdíà, òfin ọdún 2013 ní kí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó yọ ọ́dítọ̀ láàárín àkókò rẹ̀, ìbò ìdajì lé díẹ̀ kò sì tó. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó àyẹ̀wò láàárín àwọn olùdarí ló ń gbà á tó ń lé e láti ọdún 2002. Ìbò onípìn-ín lórí rẹ̀ dà bí àdúrà ìparí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà ìpín gbọ́dọ̀ kéde lórí fọ́ọ̀mù 8-K láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin pé ọ́dítọ̀ ti yí padà, kí ó sọ bí èdèkòyédè bá wà, kí ẹni tó lọ sì kọ lẹ́tà bóyá òun gbà pẹ̀lú ohun tí wọ́n sọ. Gbogbo ayé ló lè kà á.

Bí òfin yín bá jẹ́ irú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Nàìjíríà, ẹ má pe akọ̀wé mọ́ lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ bèèrè ẹ̀dà ìwé ìfipòsílẹ̀ ọ́dítọ̀ lódindi, kì í ṣe àkópọ̀ rẹ̀. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí ìwé náà dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́, kí ẹ lè ka ọjọ́ 14 yẹn fúnra yín bí òfin yín bá ní in. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí ọ́dítọ̀ tuntun wà ní ìpàdé láti dáhùn ìbéèrè. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ wá àwọn onípìn-ín mìíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó bá ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìbò lápapọ̀ lè ní kí wọ́n pe ìpàdé, ìdá mẹ́wàá ni ní Nàìjíríà. Ó ṣòro láti kó jọ, mo mọ̀. Àwọn àjọ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì ló sábà máa ń ní ìpín tó pọ̀, ọ̀rọ̀ bí èyí sì máa ń tètè wọ̀ wọ́n létí. Tí ìwé náà bá ti dé, ìlà tó kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.